Bí a ṣe ń kéde ọjọ́ àti aago ìpàdé àdúgbò lórí gbohùngbohùn tàbí rédíò tí kò fi ní sí àṣìgbọ́

Àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé, àwọn alága àdúgbò àti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n máa ń gbé máìkì lé lọ́wọ́ ní Ifẹ̀ níbí kì í yé bi mí ní ìbéèrè kan náà: "A kéde o, ariwo gba gbogbo àdúgbò. Àmọ́ lọ́jọ́ ìpàdé, àwọn kan ti dé ní wákàtí kan ṣáájú, àwọn kan dé nígbà tí a ti parí, àwọn mìíràn ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ làwọn gbọ́. Kí ló dé?"

Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe pé àwọn èèyàn ò fetí sílẹ̀. Ọjọ́ àti aago tí ẹ pè ni kò dé etí wọn bó ṣe jáde lẹ́nu yín. Ìdí rẹ̀ wà nínú bí a ṣe ń ka nọ́ńbà lédè wa, òun ni mo sì máa fi àyè tó pọ̀ jù ṣàlàyé. Ọ̀rọ̀ ibi tí ẹ máa gbé sípíkà sí àti bí ẹ ṣe máa kọ ọ̀rọ̀ fún rédíò á tẹ̀lé e.

Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni màá lò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé àwọn onílé àti ayálégbé àdúgbò kan ní Ìrẹmọ fẹ́ ṣèpàdé lórí bọ́hòó wọn, ní Sátidé, ọjọ́ 17 oṣù Ọkitóbà 2026, nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò náà. Aago ni wọn ò tíì fẹnu kò lé lórí. Àwọn kan fẹ́ aago mẹ́rin, àwọn kan fẹ́ aago márùn-ún.

1. Ẹ kọ́kọ́ mú aago tí etí kò lè ṣì gbọ́

Bí ohùn bá ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, tó ń gba orí páànù, tó ń kọlu ògiri, ìró lẹ́tà ló kọ́kọ́ máa ń sọnù nínú ọ̀rọ̀. Ohun tó máa ń pẹ́ jù kó tó sọnù ni bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń lọ sókè sódò, ìyẹn ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí rẹ̀. Ẹni tó wà nídìí iná àkàrà ní Lágere, tí òróró ń ta pàrà níwájú rẹ̀, ó lè máà gbọ́ ju ìgbésókè-gbésódò yẹn lọ.

Ẹ wá fi imú kùn àwọn aago wọ̀nyí láìla ẹnu, ẹ ó rí i pé ìsọ̀rí mẹ́ta ni wọ́n pín sí:

- mẹ́ta, mẹ́rin, méje, mẹ́jọ: ohùn kan náà ni gbogbo wọn, òkè, lẹ́yìn náà àárín.
- méjì, mẹ́fà: òkè, lẹ́yìn náà ìsàlẹ̀.
- márùn-ún, mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, mọ́kànlá, méjìlá: òkè, ìsàlẹ̀, òkè.

Èyí tó burú jù lọ nínú wọn ni méje àti mẹ́jọ. Ohùn wọn bára mu, lẹ́tà "m" àti "j" wà nínú àwọn méjèèjì, fáwẹ̀lì nìkan ló yà wọ́n, fáwẹ̀lì náà kò sì jìnnà síra. Bí ìpàdé yín bá jẹ́ aago méje àárọ̀, ẹ mọ̀ dájú pé àwọn kan á gbọ́ mẹ́jọ, wọ́n á sì búra pé ohun tí ẹ sọ nìyẹn.

Báyìí ni kí ẹ ṣe:

1. Ẹ mú aago tí àwọn tí ohùn wọn bá a mu kò sí ní apá ọjọ́ kan náà. Ẹ wo àpẹẹrẹ wa. Bí ẹ bá mú aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, aago mẹ́ta wà nítòsí rẹ̀, ẹni tó bá ṣì í gbọ́ á ti dé ibẹ̀ láti aago mẹ́ta. Àmọ́ bí ẹ bá mú aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, àwọn tí ohùn wọn bá a mu ni mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, mọ́kànlá àti méjìlá, kò sì sí ẹni tó ń pe èyíkéyìí nínú wọn ní ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà, aago márùn-ún ni ká mú. Aago méjì ọ̀sán náà dáa, torí mẹ́fà nìkan ló bá a mu, kò sì sí aago mẹ́fà ọ̀sán.
2. Ẹ má ṣe pe aago láìpe apá ọjọ́ mọ́ ọn. Ẹ tiẹ̀ pe apá ọjọ́ ṣáájú, kí ẹ tún pè é lẹ́yìn: "Ìrọ̀lẹ́ ni. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́."
3. Ẹ so aago náà mọ́ nǹkan tí gbogbo àdúgbò mọ àsìkò rẹ̀. Ní Ifẹ̀, ìrun ló dáa jù fún èyí, torí pé Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ló ń gbọ́ ìpè ìrun. "Lẹ́yìn ìrun Àsárì, kí ilẹ̀ tó ṣú" kò lè jẹ́ aago mẹ́ta, kò sì lè jẹ́ aago mẹ́sàn-án.
4. Ẹ yẹra fún ààbọ̀ àti "ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún". Bí "ààbọ̀" bá sọnù nínú "aago mẹ́rin ààbọ̀", ẹ ti fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣòfò fún ẹnì kan. Tí "ó ku" bá sọnù, tirẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí aago méje alẹ́ bá ti di dandan, torí pé àwọn ọlọ́jà kì í tètè tọjà dé, ẹ so ó mọ́ ìrun Mọ̀gàríbì, kí ẹ sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo: "tí wọ́n bá ti kí Mọ̀gàríbì tán, ká ti máa kóra jọ." Ẹni tó gbọ́ mẹ́jọ á mọ̀ pé mẹ́jọ kò bá ọ̀rọ̀ yẹn mu.

2. Ọjọ́ inú oṣù: ibi tí "lé" àti "dín" ti ń dààmú èèyàn

Láti 15 dé 19, inú ogún la ti ń dín in. Láti 21 dé 24, orí ogún la ń lé e sí. Láti 25 dé 29, inú ọgbọ̀n la tún ti ń dín in. Ó yé wa dáadáa nígbà tí a bá jókòó sójú kan. Lórí gbohùngbohùn, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọjọ́ 17 tiwa:

- ọjọ́ 17: kẹtàdínlógún
- ọjọ́ 23: kẹtàlélógún
- ọjọ́ 27: kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tí kò gbọ́ "dín" dáadáa á mú 17 ní 23. Ẹni tí ìparí ọ̀rọ̀ bọ́ mọ́ létí á mú 17 ní 27. Bẹ́ẹ̀ náà ni 16 pẹ̀lú 24 àti 26, 18 pẹ̀lú 22 àti 28, 19 pẹ̀lú 21 àti 29. Ọjọ́ 15 àti 25 sì wà níbẹ̀: kẹẹ̀ẹ́dógún, kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Àwọn ọjọ́ tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù rọrùn díẹ̀, àmọ́ ẹ má gbàgbé pé ọjọ́ keje àti ọjọ́ kẹjọ ṣì ń fa wàhálà kan náà tí mo sọ lókè.

Ọ̀pọ̀ akéde rò pé tí àwọn bá ti pe "ọjọ́ kẹtàdínlógún" lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti tó. Kò tó. Ohun tí etí kò gbà lẹ́ẹ̀kíní, bí ẹ bá pè é bákan náà, á tún ṣì í gbà lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀nà mẹ́ta ni kí ẹ fi gbé ọjọ́ kan náà kalẹ̀, kí èyí tó bá bọ́ lè rí èyí tó máa gbé e:

1. Orúkọ ọjọ́ nínú ọ̀sẹ̀ ṣáájú. Òun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nọ́ńbà. Ní oṣù Ọkitóbà 2026, ọjọ́ 17 bọ́ sí Sátidé, ọjọ́ 23 bọ́ sí Fúráìdeè, ọjọ́ 27 bọ́ sí Túsìdeè. Ẹni tó gbọ́ Sátidé, tó wá ṣì nọ́ńbà gbọ́, ara rẹ̀ ni yóò tún un ṣe nígbà tó bá wo kàlẹ́ńdà.
2. Nọ́ńbà lédè wa, kí èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè sì tẹ̀lé e. "Ọjọ́ kẹtàdínlógún, sẹ́fíntíìn." Àwọn àgbà kan ò fẹ́ràn rẹ̀, mo sì mọ̀ pé torí ìfẹ́ èdè wa ni. Ṣùgbọ́n sẹ́fíntíìn kò jọ tuẹntí-tíríì, kò sì jọ tuẹntí-sẹ́fìn. Iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn, kò sì gba àyè mọ́ kẹtàdínlógún lọ́wọ́.
3. Kíka ọjọ́ láti òní dé ibẹ̀. "Òní Wẹ́sìdeè, ọ̀la Tọ́sìdeè, ọ̀tunla Fúráìdeè, Sátidé tó tẹ̀lé e gan-an ni." Àwọn ìyá wa tí kì í wo kàlẹ́ńdà, èyí ni wọ́n máa ń rántí.

Nípa orúkọ ọjọ́, ẹ kíyè sí Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀. Ìparí wọn nìkan ló yàtọ̀. Bí ìpàdé bá bọ́ sí ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ pè é tòun ti orúkọ kejì: "Ọjọ́rú, Wẹ́sìdeè" tàbí "Ọjọ́bọ̀, Tọ́sìdeè". Ní ti Àbámẹ́ta, ẹ má fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ aago. Ẹni tó gbọ́ "…mẹ́ta, aago…" lè rò pé aago mẹ́ta lẹ pè.

3. "Sátidé tó ń bọ̀" àti "ọjọ́ mẹ́jọ òní"

Ẹ yọ "Sátidé tó ń bọ̀" kúrò nínú ìkéde yín pátápátá. Bí ẹ bá sọ ọ́ ní Wẹ́sìdeè, ìdajì àdúgbò á gbà pé Sátidé tó tẹ̀lé ọ̀tunla ni, ìdajì á ní ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Àwọn méjèèjì ló tọ̀nà. Ẹ sọ "Sátidé ọ̀sẹ̀ yìí", kí ẹ sì ka ọjọ́ tẹ̀lé e.

"Ọjọ́ mẹ́jọ òní" náà ní tirẹ̀. Àwọn àgbà wa máa ń ka òní mọ́ ọn, bí a ṣe ń ka ọjọ́ ìsọmọlórúkọ: ọmọ tí a bí ní Mọ́ńdè, Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e ni ọjọ́ kẹjọ rẹ̀. Nítorí náà, tí bàbá kan bá sọ ní Sátidé pé ìpàdé di ọjọ́ mẹ́jọ òní, Sátidé ló ń sọ. Ọ̀dọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ọ̀la á bọ́ sí Sọ́ńdè. Bí àwọn àgbà bá fẹ́ kí ẹ lò ó, ẹ gbà, ó dùn létí, ṣùgbọ́n kí orúkọ ọjọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: "ọjọ́ mẹ́jọ òní, Sátidé sí Sátidé."

Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa lò á sì máa yí bí ọjọ́ bá ṣe ń súnmọ́. Fún ìpàdé ọjọ́ 17 wa:

- Ní Sátidé, ọjọ́ 10: "Ọjọ́ mẹ́jọ òní, Sátidé sí Sátidé, sẹ́fíntíìn."
- Ní Wẹ́sìdeè, ọjọ́ 14: "Sátidé ọ̀sẹ̀ yìí. Òní Wẹ́sìdeè, ọ̀la Tọ́sìdeè, ọ̀tunla Fúráìdeè, Sátidé tó tẹ̀lé e."
- Ní Fúráìdeè, ọjọ́ 16: "Ọ̀la ni, Sátidé ọ̀la."
- Ní Sátidé, ọjọ́ 17, láàárọ̀: "Òní ni o. Òní Sátidé, ní ìrọ̀lẹ́ òní."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin yìí ti tó. Mo ti rí àdúgbò tó ń kéde lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, etí ti mọ́ ọn, kò sí ẹni tó tún ń gbọ́ ọ mọ́.

4. Kíkọ ìkéde náà sílẹ̀

Ẹ kọ ọ́ o. Kódà bí ẹni tó fẹ́ kéde bá ní ẹnu dáadáa, ẹ kọ ọ́ fún un, torí pé ẹni tó ń sọ látorí máa ń yí ọ̀rọ̀ padà ní oríta kejì, oríta kẹta kò sì ní bá àkọ́kọ́ mu mọ́. Ti Wẹ́sìdeè nìyí:

*(Ẹ lu agogo lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ dúró díẹ̀.)*

"Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Gbogbo onílé àti ayálégbé àdúgbò wa ní Ìrẹmọ, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìkéde ìpàdé rèé.

Ìpàdé wa, Sátidé ni. Sátidé ọ̀sẹ̀ yìí.

Òní Wẹ́sìdeè, ọ̀la Tọ́sìdeè, ọ̀tunla Fúráìdeè. Sátidé tó tẹ̀lé e gan-an ni.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù tí a wà nínú rẹ̀ yìí. Sẹ́fíntíìn.

Ìrọ̀lẹ́ la máa ṣe é. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kí ìrun Àsárì, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò wa ni.

Ọ̀rọ̀ bọ́hòó wa la fẹ́ sọ. Kí ilé kọ̀ọ̀kan rán ẹnì kan wá, ó kéré tán.

Mo tún un sọ: Sátidé ọ̀sẹ̀ yìí, sẹ́fíntíìn. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ọgbà ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ bá wa sọ fún ará ilé o. Ẹ ṣé o."

Ẹ kíyè sí i pé agogo àti "ẹ gbọ́ o" ló ṣíwájú. Ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ìkéde kankan, àwọn èèyàn ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dín rédíò kù ni, wọ́n ń ní kí ọmọ dákẹ́. Ẹ má fi ọjọ́ sí ibẹ̀.

Mo tún kọ "oṣù tí a wà nínú rẹ̀ yìí" dípò "oṣù kẹwàá", torí pé "kẹwàá" lè di ọjọ́ tàbí aago létí ẹni tó gbọ́ ìdajì. Bí ìpàdé bá máa bọ́ sí oṣù tó ń bọ̀, ẹ pe oṣù náà ní Nọ̀fẹ́ńbà.

Ìkíni ló sábà máa ń ba ìkéde jẹ́ ní ìlú wa. A ó kí Ọọ̀ni, a ó kí àwọn ìjòyè, a ó kí baálé, a ó kí ìyálọ́jà, kí a tó dé orí ọjọ́, ẹni tó ń kọjá ti kọjá. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà, àwọn náà ló sì máa jìyà rẹ̀ bí ìpàdé kò bá kún. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o" kan ti tó lórí gbohùngbohùn. Ẹ fi ìkíni tó gùn sílẹ̀ di inú ìpàdé. Tí ó bá jẹ́ pé àwọn àgbà àdúgbò ló pe ìpàdé náà, ẹ sọ ọ́ nínú gbólóhùn kan lẹ́yìn tí ẹ bá ti pe ọjọ́ àti aago.

5. Bí ẹ bá fẹ́ fi gbohùngbohùn kéde

1. Ẹ gba iná sí bátìrì rẹ̀ kó kún ní alẹ́ tó ṣáájú. Bátìrì tó ń kú lọ kì í kọ́kọ́ dákẹ́, ohùn ló máa ń ha, ìró lẹ́tà á sì máa pòórá.
2. Ẹ gbé sípíkà onífèrè sókè ju orí èèyàn lọ, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ojú pópó, kì í ṣe sí ògiri tó wà nítòsí.
3. Kí ẹni tó di máìkì mú dúró sẹ́yìn sípíkà. Bí máìkì bá kọjú sí ẹnu rẹ̀, á máa han gooro, àwọn èèyàn á sì di etí.
4. Ẹ jẹ́ kí àlàfo tó tó ìbú ìka mẹ́rin wà láàárín máìkì àti ẹnu. Bó bá súnmọ́ jù, èémí á máa bú nínú rẹ̀.
5. Ẹ má kígbe. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Bí Yorùbá bá ń kígbe, gbogbo ọ̀rọ̀ á gòkè, ohùn ìsàlẹ̀ ò ní sí mọ́. "Mẹ́fà" tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gòkè á di ohun tó jọ "mẹ́ta". Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni láti mú ohùn pọ̀. Tiyín ni kí ẹ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá aládùúgbò tó wà lódìkejì títì sọ̀rọ̀.
6. Lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ẹ ka "ọ̀kan, èjì" nínú yín kí ẹ tó sọ èyí tó kàn, kí ìró tó ń padà bọ̀ láti ara ògiri lè ti lọ.

Bí ẹ bá gbé e sínú mọ́tò, ẹ dúró kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Mọ́tò tó ń lọ máa ń fi ìbẹ̀rẹ̀ ìkéde sí ojúlé kan, kó fi ọjọ́ sí òmíràn, kó fi aago sí ẹ̀kẹta, ojúlé kankan ò sì ní gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ dúró ní oríta, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ tó sún síwájú. Bí ẹ̀rọ ìlọta bá ń ṣiṣẹ́ ní oríta náà, ẹ dúró dè é tàbí kí ẹ bẹ ẹni tó ni ín. Kò sí sípíkà àdúgbò tó lè borí ẹ̀rọ ìlọta fún ẹni tó dúró tì í.

Àṣìṣe kan wà tí àwọn tó lówó ń ṣe, ìyẹn ni fífi sípíkà méjì sí ibi méjì kí ohùn lè rìn jìnnà. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tí sípíkà kejì fi ọgọ́rùn-ún mítà jìnnà sí ju ti àkọ́kọ́ lọ á gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ìkejì á sì pẹ́ tó àkókò tí a fi ń pe sílébù kan tàbí méjì. "Kẹtàdínlógún" tó bá gun orí ara rẹ̀ báyẹn kò lè yé ẹnikẹ́ni. Sípíkà kan tí ẹ ń gbé kiri dáa ju méjì tó ń sọ̀rọ̀ pọ̀ lọ.

Ní ti àsìkò, lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́jà bá ti Odò-Ogbè dé ló dáa jù, àti àárọ̀ kí wọ́n tó jáde. Ẹ yẹra fún àsìkò Jímọ̀ ní Fúráìdeè àti àsìkò ìsìn ní àárọ̀ Sọ́ńdè. Ní ìgbà ọdún Ọlọ́jọ́, ẹ má tilẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé gbohùngbohùn; ìlù àti èrò ló máa borí yín.

Ẹ dán an wò báyìí. Kí ẹ tó lọ sí oríta kejì, ẹ rán ẹnì kan lọ sí ibi tó jìnnà jù tí ẹ fẹ́ kí ohùn dé, ẹni tí kò mọ ọjọ́ ìpàdé náà tẹ́lẹ̀. Kó bi ẹni tó bá níbẹ̀ léèrè: "Ọjọ́ wo ni wọ́n pè? Aago mélòó?" Kó má bi í pé "Ṣé o gbọ́?" Gbogbo èèyàn ló máa ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ìyẹn.

6. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sí rédíò

Lórí rédíò, ohùn mọ́ kedere, wàhálà lé àti dín sì dín kù. Wàhálà mìíràn ló wà níbẹ̀: kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa kà á, ẹ ò sì mọ ọjọ́ tí wọ́n tún máa kà á. Ìwé tí ẹ bá gbé lọ sí Orísun FM tàbí ilé iṣẹ́ rédíò mìíràn nínú Ifẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dúró fúnra rẹ̀.

1. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago ní ọ̀rọ̀, kì í ṣe ní nọ́ńbà. Bí ẹ bá kọ 17/10, olóòtú kan lè kà á ní ọ̀nà tirẹ̀ níwájú máìkì.
2. Ẹ fi àmì ohùn sórí orúkọ àdúgbò àti orúkọ èèyàn tó bá wà níbẹ̀. Olóòtú náà lè má jẹ́ ọmọ Ifẹ̀.
3. Ẹ má lo "ọ̀la", "òní" tàbí "Sátidé ọ̀sẹ̀ yìí" rárá. Ìkéde tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Wẹ́sìdeè lè tún jáde ní Fúráìdeè, "ọ̀tunla" á sì ti di irọ́. Ẹ kọ "Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Ọkitóbà" gẹ́gẹ́ bó ṣe jẹ́. Ibí yìí ni rédíò ti yàtọ̀ sí gbohùngbohùn, ẹ má fi ìwé kan náà ṣe méjèèjì.
4. Ẹ dárúkọ ìlú: "àdúgbò Ìrẹmọ ní Ilé-Ifẹ̀." Àwọn ará Iléṣà àti ibòmíràn náà ń gbọ́ rédíò yẹn, àwọn náà sì ní bọ́hòó tiwọn.
5. Lókè ìwé, lọ́tọ̀, ẹ kọ fún olóòtú: "Ẹ má kà á mọ́ tó bá ti di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlógún." Ẹ fi nọ́ńbà fóònù akọ̀wé sí ibẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ pé kí wọ́n má kà á jáde.
6. Ẹ kà á sókè fún olóòtú náà lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó kúrò, kí ẹ sì ní kí òun náà kà á fún yín.

Àsìkò lẹ ń rà ní rédíò, nítorí náà ẹ fi fóònù yín wo bí ìkéde yín ṣe gùn tó kí ẹ tó débẹ̀, pẹ̀lú ìsọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Tó bá gùn jù, ohun tí ìpàdé dá lé lórí ni kí ẹ gé kúrú. Ẹ má gé àtúnsọ ọjọ́ àti aago tó wà ní ìparí.

Bí owó rédíò ò bá sí, ẹ kọ ìkéde rédíò yìí sórí ìwé kan fún akọ̀wé ìjọ, kan fún mọ́ṣáláṣí. Òun náà ni kí ẹ fi ohùn kà sórí Wọ́ọ̀sáàpù, torí pé ohùn orí Wọ́ọ̀sáàpù náà máa ń rìn kiri lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ sọ ọ́.

7. Bí ọjọ́ tàbí aago bá yí padà

Ìgbà yìí ni àṣìgbọ́ máa ń pọ̀ jù. Ká ní àwọn ará Ìrẹmọ wa sún ìpàdé sí Sọ́ńdè, ọjọ́ 18, aago náà kò yí. Akéde tí kò mọ̀ á sọ pé: "Ìpàdé Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlógún, aago márùn-ún, kò ní wáyé mọ́, ó ti di Sọ́ńdè…" Ẹni tó gbọ́ ìdajì àkọ́kọ́ ti gbọ́ Sátidé lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ti dá a lójú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

1. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Àyípadà dé o! Àyípadà dé o!" kí ẹ dúró.
2. Ẹ pe ọjọ́ tuntun: "Ìpàdé bọ́hòó wa ti di Sọ́ńdè. Sọ́ńdè ni, ọjọ́ kejìdínlógún, éètíìn. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́."
3. Ẹ dárúkọ ti àtijọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìpe nọ́ńbà rẹ̀: "Kò sí ìpàdé ní Sátidé mọ́."
4. Ẹ fi ọjọ́ tuntun parí rẹ̀, kó lè jẹ́ òun ló kẹ́yìn sí etí.
5. Gbogbo oríta tí ẹ dé lẹ́ẹ̀kíní ni kí ẹ padà dé, kí ẹ sì pe rédíò lórí fóònù kí wọ́n lè gbé ìwé àtijọ́ kúrò nílẹ̀ ṣáájú kí ẹ tó mú tuntun lọ.
6. Ní Sátidé náà, kí ẹnì kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ náà láti aago mẹ́rin àbọ̀ títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú, kó máa dá àwọn tí kò gbọ́ padà, kó sì sọ ọjọ́ tuntun fún wọn lójúkojú.